Nígbà Tí 15 Bá Gba Orúkọ 3

Ní ọ̀sán Sátidé kan ní Ìbàdàn, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ mi gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá bá mi. Ó ti kọ pírógíráàmù rẹ̀ tán, ó ti dán an wò, ọkàn rẹ̀ sì ti balẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Mo rò pé ó ti parí.” Mo tẹjú mọ́ ojú ẹ̀rọ náà. Ohun tó jáde nìyí, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀: 1, 2, Fizz, 4, Buzz, Fizz, 7, 8, Fizz, Buzz, 11, Fizz, 13, 14. Títí débẹ̀, kò sí àléébù kankan. Ìlà tó tẹ̀ lé e, ìyẹn ìlà 15, ni mo ń wá. Fizz ló wà níbẹ̀. Ó yẹ kó jẹ́ FizzBuzz.

Eré ọmọdé ni Fizzbuzz kó tó di iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Láwọn ilé ìwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ á jókòó yípo, wọ́n á máa ka nọ́ńbà tẹ̀ léra, olúkúlùkù á pe ọ̀kan. Ọmọ tí nọ́ńbà tí 3 lè pín tán bá já mọ́ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ pe nọ́ńbà náà, Fizz ni yóò sọ. Tó bá jẹ́ èyí tí 5 lè pín tán ni, Buzz ni yóò sọ. Tó bá wá jẹ́ èyí tí 3 pín tán tí 5 náà sì pín tán, á so méjèèjì pọ̀, á ní FizzBuzz. Ní oṣù kìíní ọdún 2007, Imran Ghory kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ń fi irú eré yìí dán àwọn tó ń wá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wò: kí wọ́n kọ pírógíráàmù tí yóò ka 1 dé 100 ní ìlànà yẹn. Láti ìgbà náà ló ti di ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wáṣẹ́ ń bá pàdé.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé ẹni tí 15 bá jáde bíi Fizz lọ́wọ́ rẹ̀ kò mọ ìṣirò. N kò gbà. Ọmọbìnrin yẹn mọ̀ dáadáa pé 3 pín 15 tán àti pé 5 pín in tán. Kódà, ó kọ ọ́ sínú pírógíráàmù rẹ̀ pé kí FizzBuzz jáde fún un. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ ketekete. Ẹ̀rọ ni kò débẹ̀ rí, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ tí kò fi débẹ̀ ló yẹ ká fara balẹ̀ wò.

Ohun tó kọ nìyí, ní èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Páítọ̀n:

```python
for n in range(1, 101):
    if n % 3 == 0:
        print("Fizz")
    elif n % 5 == 0:
        print("Buzz")
    elif n % 15 == 0:
        print("FizzBuzz")
    else:
        print(n)
```

Ẹni tí kò kọ kóòdù rí náà lè kà á. Ìlà àkọ́kọ́ ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó mú àwọn nọ́ńbà láti 1 dé 100 lọ́kọ̀ọ̀kan, kó máa pe èyí tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní `n`. A kọ 101 síbẹ̀ nítorí pé Páítọ̀n kì í ka nọ́ńbà ìkẹyìn mọ́ ọn. Kíkà tiwa yàtọ̀ sí èyí, torí àwa Yorùbá máa ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọjọ́ tí a ń retí. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ọjà tí wọ́n ń ná lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ní ọjà ọrọ̀ọ̀rún. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ yìí kò ní yà á lẹ́nu pé 101 ló mú wa dé 100.

Àmì `%`, tí a mọ̀ sí pasẹ́ńtì níbi ẹ̀dínwó ọjà, iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe níbí. Iye tó ṣẹ́kù lẹ́yìn pípín ló ń béèrè. Tí ọsàn 17 bá wà nílẹ̀ tí ènìyàn márùn-ún sì fẹ́ pín in, olúkúlùkù á gba mẹ́ta, méjì á ṣẹ́kù. Nítorí náà, `17 % 5` jẹ́ 2. Tí ọsàn bá jẹ́ 15, kò sí èyí tó máa ṣẹ́kù, `15 % 5` sì jẹ́ 0. Àmì `==` ń béèrè bóyá ohun méjì dọ́gba. Ìtumọ̀ `n % 3 == 0` kò wá ju pé: ṣé 3 pín nọ́ńbà yìí tán?

Ó ku `if`, `elif` àti `else`, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. `if` túmọ̀ sí “tó bá jẹ́ pé”. `else` túmọ̀ sí “tí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn tó rí bẹ́ẹ̀”. `elif` ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà kọjá láìdúró. Kò túmọ̀ sí “àti pé tó bá jẹ́ pé”. Ohun tó ń sọ ni: “tí èyí tó wà lókè kò bá rí bẹ́ẹ̀, ǹjẹ́ èyí ńkọ́?” Tí èyí tó wà lókè bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kò ní bi `elif` léèrè rárá.

Ẹ fojú inú wo ojú ọ̀nà kan láyé àtijọ́ tí oníbodè mẹ́ta jókòó sí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Oníbodè kìíní ń gba gbogbo èrò tí 3 bá pín tán, á fi àmì Fizz sí wọn lára, á sì darí wọn gba ọ̀nà ilé. Èkejì ń gba àwọn tí 5 bá pín tán. Ẹ̀kẹta ń dúró de àwọn tí 15 bá pín tán. Èrò tí oníbodè kan bá ti gbà kò ní dé ọ̀dọ̀ èyí tó kù.

Ẹ jẹ́ ká wá tẹ̀ lé èrò mẹ́ta. Nọ́ńbà 7 dé ọ̀dọ̀ oníbodè kìíní. Bí a bá fi 3 pín in, 1 ṣẹ́kù, nítorí náà ó kọjá. Ó dé ọ̀dọ̀ èkejì. Bí a bá fi 5 pín in, 2 ṣẹ́kù, ó tún kọjá. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀kẹta. Bí a bá fi 15 pín in, 7 fúnra rẹ̀ ló ṣẹ́kù, ó kọjá, ó sì bọ́ sọ́wọ́ `else`, tó tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe wà. Nọ́ńbà 10 dé. Oníbodè kìíní rí i pé 1 ṣẹ́kù, ó jẹ́ kó kọjá. Èkejì rí i pé kò sí ohun tó ṣẹ́kù, ó gbà á, Buzz jáde. Nọ́ńbà 15 wá dé. Oníbodè kìíní fi 3 pín in, kò sí ohun tó ṣẹ́kù. Ó gbà á, Fizz jáde, ó parí. Oníbodè kejì kò mọ̀ pé 15 wá sójú ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kẹta tí a tìtorí rẹ̀ gbé síbẹ̀ kò mọ̀ pẹ̀lú.

Kì í ṣe 15 nìkan ni oníbodè kẹta kò ní rí. 15 jẹ́ 3 lọ́nà márùn-ún, fún ìdí èyí, kò sí nọ́ńbà tí 15 lè pín tán tí 3 kò ní pín tán. Gbogbo èrò tí ẹ̀kẹta ń retí pátá ni ẹni kìíní ti ń gbà. Kí ẹ ka nọ́ńbà dé mílíọ̀nù kan, kò sẹ́ni tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A tiẹ̀ lè pa ìlà méjèèjì tó jẹ́ tirẹ̀ rẹ́ kúrò nínú kóòdù yẹn, ohun tó máa jáde kò ní yí padà bí ó ti wù kó kéré mọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ dájú pé bóun ṣe to ìbéèrè òun kò dára lè fi èyí dán an wò: pa ẹ̀ka FizzBuzz rẹ́, kí o sì wò ó bóyá nǹkan kan yàtọ̀.

Bó bá jẹ́ pé ìbéèrè 5 lẹni náà kọ́kọ́ kọ, Buzz ni ìlà 15 máa gbé jáde dípò Fizz. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó ṣì jáde yẹn gan-an ń fi ẹni tó fà á hàn. Tí a bá rí Fizz lórí 15, ẹni tó ń béèrè 3 ló jókòó síwájú. Tó bá jẹ́ Buzz, ẹni tó ń béèrè 5 ni. Nígbà tí ọmọbìnrin yẹn gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá, n kò tíì rí kóòdù rẹ̀ tí mo fi mọ bó ṣe tò ó.

Ẹ̀rọ kò ráhùn. Ohun tó máa ń ya àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lẹ́nu nìyí, torí ó ti mọ́ wọn lára pé bí wọ́n bá gbàgbé àmì `:` lẹ́yìn `if`, kíá ni ẹ̀rọ máa pariwo. Àmọ́ gírámà ni ìyẹn. Pírógíráàmù tí ìtò rẹ̀ kò dára yìí kò ní àṣìṣe gírámà kankan. Èdè tó ń jẹ́ Jáfà máa ń kọ̀ bí ẹnì kan bá kọ́kọ́ gba ẹ̀yà àṣìṣe tó gbòòrò, tó wá kọ ìlà mìíràn sísàlẹ̀ fún ọ̀kan lára àwọn ọmọ ẹ̀yà náà. Ó máa ń sọ pé a ti gba ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ó lè sọ bẹ́ẹ̀ torí pé a ti kọ bàbá àti ọmọ sílẹ̀ nínú èdè náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a kọ ọ́ sí fún Páítọ̀n pé àwọn tí 15 pín wà nínú àwọn tí 3 pín. Ìṣirò ló mú wọn jẹ́ ìbátan, ẹ̀rọ kì í sì í ro ìṣirò yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń tò ó báyìí? Lójú tèmi, bí wọ́n ṣe gbọ́ ìbéèrè náà ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Ìbéèrè náà kọ́kọ́ dárúkọ 3, ó dárúkọ 5, ó sì fi méjèèjì kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan ń ṣe òkú, ó pe àwọn ọmọ tí yóò pín oúnjẹ jọ, ó ní: “Ẹni tó bá wọ aṣọ ẹbí, ẹ fún un ní ìrẹsì. Ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá, ẹ fún un ní iyán. Ẹni tó bá wọ aṣọ ẹbí tó tún ti ọ̀nà jíjìn wá, ẹ fún un ní méjèèjì.” Kò sí ọmọ tí kò ní yé. Nígbà tí àlejò láti Kánò bá wọlé tòun ti aṣọ ẹbí lọ́rùn, wọn kò ní fún un ní ìrẹsì nìkan. Gbólóhùn kẹta ti padà sẹ́yìn lọ tún gbólóhùn kìíní ṣe lọ́kàn wọn. Àwọn ọmọ náà gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tán kí wọ́n tó gbé abọ́.

Bí a bá kó ọ̀rọ̀ ìyá yìí sínú `if` àti `elif` bó ṣe sọ ọ́ gan-an, aṣọ ẹbí ni ẹ̀rọ máa kọ́kọ́ wò. Ó rí i, ó gbé ìrẹsì sílẹ̀, ó kọjú sí àlejò tó kàn. Iyán ará Kánò wà nínú ìkòkò. Ẹ̀rọ kò ṣàìgbọràn. Ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ kò lè ṣàtúnṣe sí èyí tó wà lókè níbẹ̀, bí “ṣùgbọ́n” ṣe ń ṣe lẹ́nu wa. Òfin yìí kì í ṣe ti Páítọ̀n nìkan, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ọdún 1960, nígbà tí John McCarthy ń ṣàlàyé èdè Lisp, ó là á sílẹ̀ pé kí a máa yẹ àwọn ìbéèrè wò láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún, kí a sì mú ìdáhùn èyí tó bá kọ́kọ́ jẹ́ òótọ́. `if` àti `elif` tí à ń kọ lónìí ń tẹ̀ lé ìlànà kan náà, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀.

Ọ̀nà tó yá jù láti tún un ṣe ni kí a gbé oníbodè kẹta wá síwájú:

```python
    if n % 15 == 0:
        print("FizzBuzz")
    elif n % 3 == 0:
        print("Fizz")
    elif n % 5 == 0:
        print("Buzz")
    else:
        print(n)
```

Ní báyìí, ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ ni 15 kọ́kọ́ dé. 9 kò bá tirẹ̀ mu, ó kọjá, ẹni tó ń béèrè 3 sì gbà á. Àwọn kan máa ń fi èyí kọ́ ara wọn pé nọ́ńbà tó bá tóbi jù ni kó ṣíwájú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó burú bí ìbéèrè 3 bá ṣíwájú ti 5 tàbí tí ti 5 bá ṣíwájú ti 3, nígbà tí a bá ti mú àwọn tí 15 pín kúrò, torí pé kò sí nọ́ńbà tó ṣẹ́kù tó lè bá ìbéèrè méjèèjì mu. Ohun tó gbé 15 síwájú ni pé àwọn ènìyàn rẹ̀ wà nínú àwọn ènìyàn 3 pátápátá. Ẹgbẹ́ kékeré tó wà nínú ẹgbẹ́ ńlá ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọjá, kí ẹgbẹ́ ńlá má baà gbé e mì.

Àtúnṣe kan wà tí mo ti rí lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n á rí i pé `elif` ni kò jẹ́ kí ìbéèrè kẹta dáhùn, wọ́n á wá sọ gbogbo `elif` di `if`. Ní báyìí, oníbodè kìíní kì í darí èrò gba ọ̀nà ilé mọ́. Ó ń fi àmì sí i lára, ó sì ń tì í síwájú. 15 á wá gba Fizz lórí ìlà kan, Buzz lórí ìkejì, FizzBuzz lórí ìkẹta. Ọ̀ràn mìíràn tún wà níbẹ̀ tí wọn kì í tètè rí. `else` kò so mọ́ gbogbo wọn mọ́, `if` tó kẹ́yìn nìkan ló so mọ́. Nítorí náà, 3 á gba Fizz, nọ́ńbà 3 fúnra rẹ̀ á sì tún jáde tẹ̀ lé e. Dípò ìlà 100, 153 ló máa jáde: 100 láti ọwọ́ ìbéèrè tó kẹ́yìn àti `else` rẹ̀, 33 láti ọwọ́ 3, àti 20 láti ọwọ́ 5.

Mo bi ọmọbìnrin náà bó ṣe dán iṣẹ́ rẹ̀ wò kó tó gbé e wá. Ó ní òun wo 3, òun wo 5, òun wo 7, òun sì wo 10. Ohun tó yẹ ni gbogbo wọn gbé jáde. Láàárín 1 sí 100, mẹ́fà péré ni nọ́ńbà tí 15 pín tán: 15, 30, 45, 60, 75 àti 90. Ìlà 94 yòókù á dára láìkù síbì kan, bí ìtò ìbéèrè náà tilẹ̀ bàjẹ́. Ẹni tó bá dúró ní 10 kò ní fura. Ẹni tó bá fi ojú sáré wo gbogbo rẹ̀ lè máà fura, torí Fizz kì í ṣe àjèjì lójú ẹ̀rọ yẹn.

Kíkà ló máa fi hàn. A mọ iye tó yẹ kó jáde tẹ́lẹ̀. 3 pín nọ́ńbà 33 tán láàárín 1 sí 100, 5 pín 20, 15 sì pín 6. Bí a bá yọ 6 kúrò lára 33, Fizz tó dá dúró á jẹ́ 27. Bí a bá yọ ọ́ kúrò lára 20, Buzz tó dá dúró á jẹ́ 14. Àwọn nọ́ńbà tó jáde bí wọ́n ṣe wà á jẹ́ 53. Lọ́wọ́ ọmọbìnrin yìí, Fizz jẹ́ 33, Buzz jẹ́ 14, FizzBuzz kò sí rárá.

Àmọ́ kíkà náà lè tan ènìyàn jẹ. Àṣẹ kan wà tí a ń pè ní `grep`, tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú ohun tó jáde. Tí a bá fi `-c` kún un, iye ìlà tí ọ̀rọ̀ náà wà ni yóò kà fún wa. Ó kọ́kọ́ tẹ èyí:

```
python3 fizzbuzz.py | grep -c Fizz
```

Ẹ̀rọ dáhùn pé 33. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, 33 mà ni, ó pé.” Bẹ́ẹ̀ ni, ó pé, àmọ́ 33 kan náà ni ìdáhùn máa jẹ́ bí kóòdù náà bá dára. Nínú èyí tó dára, Fizz tó dá dúró jẹ́ 27, `grep` á sì tún rí Fizz nínú FizzBuzz mẹ́fà, torí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àpapọ̀ rẹ̀ ni 33. Nínú èyí tí kò dára, 27 náà wà níbẹ̀, àwọn mẹ́fà tó ṣìnà náà sì jẹ́ Fizz. 33 ni yẹn pẹ̀lú. Àyẹ̀wò yìí kò lè rí àṣìṣe náà láé, bó ti wù ká tẹ̀ ẹ́ tó. Mo ní kó béèrè FizzBuzz gangan:

```
python3 fizzbuzz.py | grep -c FizzBuzz
```

0 ló jáde. Ó fi ọwọ́ lé ẹnu.

Ọ̀nà mìíràn wà tí a lè gbà kọ ọ́ tí ẹni tó bá ṣíwájú kò fi ní já mọ́ nǹkan kan. Ní ọdún 1975, Edsger Dijkstra, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, gbé irú `if` mìíràn kalẹ̀. Nínú tirẹ̀, kò sí pé ẹni òkè ló ń ṣáájú. Bí ìbéèrè méjì bá jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ lè mú èyí tó bá wù ú. Ẹni tó ń kọ̀wé fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè fi ẹ̀yìn ti ìtò, ó di dandan kó sọ ọ̀rọ̀ tán ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Oníbodè Fizz kò ní sọ pé “ẹni tí 3 pín tán” mọ́. Á sọ pé “ẹni tí 3 pín tán, tí 5 kò sì pín tán”. Ní Páítọ̀n, bó ṣe máa rí nìyí: `n % 3 == 0 and n % 5 != 0`. Tí a bá kọ ti Buzz náà bẹ́ẹ̀, a lè da àwọn oníbodè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rú bó ṣe wù wá, 15 á ṣì dé ibi tó ń lọ. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, torí pé ó ń fipá mú un láti sọ ohun tó ní lọ́kàn jáde. Ohun tí kò dára níbẹ̀ ni pé ó gùn, ojú sì máa ń rẹ ẹni tó ń kà á.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ máa ń kọ. Wọn kì í béèrè 15 rárá:

```python
    s = ""
    if n % 3 == 0:
        s += "Fizz"
    if n % 5 == 0:
        s += "Buzz"
    print(s or n)
```

Àwo òfìfo kan la kọ́kọ́ gbé sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni `s`. Bí 3 bá pín nọ́ńbà náà tán, a bu Fizz sí i. Bí 5 bá pín in tán, a bu Buzz sí i. 15 á gba méjèèjì sínú àwo kan ṣoṣo, lórí ìlà kan ṣoṣo. Bí àwo bá ṣófo títí dé ìparí, nọ́ńbà fúnra rẹ̀ ni a tẹ̀ jáde. Ìwọ̀nyí ni `if` méjì tó dá dúró, bíi ti akẹ́kọ̀ọ́ tó sọ gbogbo `elif` di `if`, ṣùgbọ́n wọn kò tẹ nǹkan kan jáde fúnra wọn. Ìyàtọ̀ náà nìyẹn. Bó ṣe ń pín oúnjẹ yìí ló sún mọ́ ti ìyá olókùú jù lọ: wọ aṣọ ẹbí, gba ìrẹsì, ti ọ̀nà jíjìn wá, gba iyán, kò sídìí fún gbólóhùn kẹta.

Àǹfààní rẹ̀ á hàn bí ẹnì kan bá ní kí a fi 7 kún eré náà, kó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ká pè é ní Bazz. Ní ọ̀nà kìíní, a ó ní ìbéèrè méje láti tò: 105, tó jẹ́ ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 15, 21 àti 35, tó jẹ́ ti méjì-méjì, lẹ́yìn náà 3, 5 àti 7. Bí 21 bá bọ́ sẹ́yìn 3, ó ti sọnù. Ní ọ̀nà àwo, `if` kan ṣoṣo la máa fi kún un. Síbẹ̀, ìtò kò kúrò ńlẹ̀ pátápátá. Bí a bá kọ ìbéèrè 5 ṣáájú ti 3, BuzzFizz ni 15 máa gbé jáde, kò sì sí ẹ̀rọ tó máa sọ fún wa pé ìyẹn kì í ṣe ohun tí a fẹ́.

Ọmọbìnrin náà gé ìlà méjì tó jẹ́ ti FizzBuzz, ó lẹ̀ ẹ́ sókè, ó sọ `elif` rẹ̀ di `if`, ó sì sọ `if` ti 3 di `elif`. Ó tún tẹ àṣẹ `grep` náà. 6 jáde. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ wo 15, ó wo 30, ó wo gbogbo wọn títí dé 90, ó ń fi ìka tọ́ka sí wọn.

Mo rò pé ó máa ti ẹ̀rọ rẹ̀ pa. Kò tì í. Ó ṣí fáìlì mìíràn, pírógíráàmù kékeré kan tó ti kọ fún ìyá rẹ̀ tó ń ta ańkárá, èyí tó ń ṣírò ẹ̀dínwó fún àwọn oníbàárà. Ẹni tó bá ra yáàdì 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tó bá ra 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń gba ìdá mẹ́wàá. Ìlà àkọ́kọ́ níbẹ̀ kà báyìí: `if yards >= 10:`. Mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni ti ra 50 rí. Ó ní rárá o, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ ṣe aṣọ ẹbí máa wá lọ́jọ́ Àìkú. Ó gé ìlà méjì, ó sì gbé e lọ sókè.